Ẹ yọ kọfí yín kúrò nínú fíríìjì, ẹ jọ̀ọ́

Wọ́n tún ti sọ ọ́ o. Àǹtí kan ládùúgbò wa ní Súrùlérè ra odindi kílò kan kọfí yíyan, hóró ẹ̀ ni o, kì í ṣe lílọ̀, wọ́n wá ń sọ fún mi pé "inú fíríìjì ni mò ń tọ́jú ẹ̀ sí, kò lè bàjẹ́ láé". Àràárọ̀ ni wọ́n ń gbé àpò náà jáde, wọ́n á ṣí i, wọ́n á bu tiwọn, wọ́n á dá a padà. Mo ní kí n gbọ́ òórùn ẹ̀, mo fi imú sí i, edé ló kọ́kọ́ kí mi.

Mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń rò ni pé bí ọbẹ̀ ò ṣe ń kan nínú fíríìjì náà ni kọfí ò ṣe ní bàjẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ jàre. Kòkòrò àìfojúrí ló ń ba ọbẹ̀ jẹ́, torí omi pọ̀ nínú ẹ̀. Kọfí tí wọ́n yan, omi inú ẹ̀ ò ju bí ìdá méjì tàbí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kí ni kòkòrò fẹ́ jẹ níbẹ̀? Ohun tó ń pa kọfí ni afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó ń mú kí òróró inú ẹ̀ kan, òórùn dídùn tó ń fò lọ díẹ̀díẹ̀, àti ọ̀rinrin. Òtútù máa ń fa ọwọ́ ọ́síjìn sẹ́yìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú àpò tí wọ́n ń ṣí lójoojúmọ́, ọ̀rinrin ló máa kọ́kọ́ dé.

Ẹ wo ìgò Kóòkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú fíríìjì l'Ékòó níbí, kí ẹ tó ka ẹyọ mẹ́wàá ó ti ń làágùn. Omi inú afẹ́fẹ́ wa ló ń lẹ̀ mọ́ ọn. Hóró kọfí tútù ń làágùn bákan náà, àmọ́ ẹ ò ní rí i, torí kíá ló ń fà á mu. Ibi tí ẹ ti máa mọ̀ ni ẹ̀rọ ìlọkọfí: lúbúlúbú ẹ̀ á máa dì mọ́ra, á lẹ̀ mọ́ ẹnu ẹ̀rọ, tí ẹ bá wá da omi gbígbóná sí i, kò ní hó bí ọṣẹ rárá.

Híhó yẹn náà, ẹ jẹ́ n sọ ọ́, torí àwọn kan tún gbà pé kọfí tí wọ́n yan láàárọ̀ yìí ló dùn jù. Tí wọ́n bá ń yan kọfí, afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù dayọ́kísáìdì máa ń há sínú ihò tíntìntín inú hóró ẹ̀, òun ló ń mú kó hó, ó wá ń jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ ló sì ń jáde jù. Ìdí nìyẹn tí àpò tó dáa fi ní fáàfù kékeré tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde, tí kì í jẹ́ kó wọlé. Tí ẹ bá sè é lọ́jọ́ yẹn, afẹ́fẹ́ náà á máa ti omi sẹ́yìn, omi ò ní wọ inú ẹ̀ dáadáa, á wá kan lẹ́nu. Ní tèmi, mo máa ń fi sílẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tí wọ́n yan dúdú máa ń tètè tú tiẹ̀ sílẹ̀, ó sì máa ń tètè gbó.

Fírísà wá ńkọ́? Ó ń ṣiṣẹ́ o, àmọ́ kì í ṣe bí Àǹtí ṣe ń ṣe é. Kílò kan, tí ẹnì kan bá ń lo gíráàmù 16 lójúmọ́, ó máa tó oṣù méjì, kò sì ní dùn dé ìparí nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn tó bá ti sinmi bí ọ̀sẹ̀ kan, pín in sí ọ̀nà mẹ́jọ, gíráàmù 125 lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn. Kó o sínú nylọ́ọ̀nù nípọn tó ní zíìpù, fún afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde, pa á dé pinpin, kí o gbé méje sí fírísà. Tí ó bá kan ọ̀kan, gbé e jáde lálẹ́, má ṣí i títí ilẹ̀ á fi mọ́, kí òógùn náà lè wà lára nylọ́ọ̀nù níta. Tí o bá ti ṣí i, kò gbọdọ̀ padà síbẹ̀ mọ́.

Ẹ máa ní iná ńkọ́. Tí wọ́n bá mú iná lọ, tí fírísà yọ́, tí nylọ́ọ̀nù ṣì wà ní pípadé, kò sí wàhálà, ó kàn gbó díẹ̀ ni. Bóyá ẹni tí ahọ́n ẹ̀ mú ju tèmi lọ á mọ ìyàtọ̀ láàárín tinú fírísà àti tuntun, èmi ò mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó bá sì ń ra gíráàmù 250, tó ń mu ún tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kò nílò fírísà rárá. Kó fi í sínú àpò ẹ̀, kó ká ẹnu ẹ̀ dáadáa, kó gbé e sí kọ́bọ́ọ̀dù tó jìnnà sí sítóófù àti fèrèsé.