Màmá lo ọdún 81 láyé, ẹ tún ń kọ "ikú dóró"

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́ wa pé bí àgbà bá ti kú, ikú ni ká kọ́kọ́ bá jà lórí fóònù? Irú ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń rí nìyí, mo kàn kó o jọ sójú kan ni:

"Háà! Ikú dóró! Ikú ṣèkà! Ikú, kí ni mo ṣe fún ọ tí o fi mú màmá mi lọ? Ayé mi ti dàrú, ọkàn mi gbọgbẹ́. Lánàá òde yìí ni mo pè wọ́n, mi ò mọ̀ pé ìpè ìkẹyìn ni. Màmá, ta ni o fi mí sílẹ̀ fún? Mi ò ní gbàgbé rẹ láé. Sùn un re o, má jọ̀kùn, má jekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́run ni kó o bá wọn jẹ."

Ẹ wá jẹ́ ká sọ pé olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni màmá yìí, pé wọ́n pé ọdún 81, wọ́n rí ọmọ, wọ́n rí ọmọ-ọmọ, akẹ́kọ̀ọ́ wọn àtijọ́ ló sì kọ ọ̀rọ̀ òkè yìí. Ẹ tún un kà. Ibo ni olùkọ́ wà níbẹ̀? "Mo" àti "mi" jẹ́ mẹ́jọ, ikú gba mẹ́ta, iṣẹ́ tí màmá fi ọjọ́ ayé wọn ṣe kò gba ẹyọ kan. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí yóò kà á dé òpin, kò ní mọ ẹni tó kú. Ẹni tó ń sunkún nìkan ni yóò mọ̀.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni pé wọ́n kọ òkú àgbà bí òkú ọ̀fọ̀. Yorùbá kò da àwọn méjèèjì pọ̀. Àgbà tó fi ọmọ sáyé lọ, "ẹ kú àṣẹ̀yìndè" là ń kí àwọn ọmọ rẹ̀, a ó ní ẹ̀yìn wọn á dára. "Ikú dóró" wà fún ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì tó. Bí ẹ bá kọ ọ́ fún ẹni ọdún 81, àwọn ọmọ tó ń múra ìnáwó yóò máa wojú ara wọn.

Èkejì ni pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "mo pè wọ́n", kí a tó pajú dé, ó ti di "o fi mí sílẹ̀". Ta ni ẹ ń wí "o" sí? Igbe ló máa ń fa èyí. Bí ẹni tó ń kọ̀wé bá ti ń bá òkú sọ̀rọ̀ tààrà, ọ̀wọ̀ á bọ́ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà fún àwa tó kù, kí ẹ lo "wọ́n" títí dé òpin.

"Má jọ̀kùn, má jekòló" ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ìdágbére tó dùn ni, ẹnu àwọn ẹbí lẹ́bàá sàréè ló sì yẹ jù. Bí olóògbé bá jẹ́ Mùsùlùmí, àdúrà pé kí Ọlọ́hun forí jìn wọ́n, kó fi Àlùjánnà ṣe ilé wọn, ni àwọn èèyàn wọn ń retí. (Ẹ sì dákun, ọba ló ń wàjà. Alága ẹgbẹ́ onímọ́tò kì í wàjà.)

Bí mo ṣe máa tún un kọ rèé:

"Olùkọ́ wa ní kíláàsì kẹta jáde láyé lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́ni ọdún 81. Ọdún 35 ni wọ́n fi kọ́ ọmọ níwèé. Láràárọ̀, wọ́n á fi báírò kọ orúkọ ọmọ tí kò jẹun wá sí àtẹ́lẹwọ́ wọn. Tí wọ́n bá lu aago ìsinmi, wọ́n á pe ọmọ náà bí ẹni fẹ́ rán an níṣẹ́, wọ́n á fún un ní àkàrà. A kí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere."

Gbólóhùn mẹ́fà péré. Èyí tó ru gbogbo ẹrù náà ni ti àtẹ́lẹwọ́. "Èèyàn dáadáa ni wọ́n, wọ́n lawọ́, wọ́n kóni mọ́ra" kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn, nítorí kò sí òkú tí a kì í sọ ọ́ fún. Ẹ dán an wò: ẹ yọ orúkọ olóògbé kúrò, kí ẹ fi ti ẹlòmíì sí i. Bí gbólóhùn náà bá ṣì bá ẹni kejì mu, ẹ pa á rẹ́. Ti àtẹ́lẹwọ́ kò lè bá ẹlòmíì mu. Ẹ sì wò ó, n kò kọ "wọ́n láàánú" síbẹ̀, àkàrà ti sọ ọ́.

Ohun tí mo yọ kúrò ju ohun tí mo fi sí i lọ. Kò sí orúkọ àìsàn, kò sí ilé ìwòsàn, kò sí "lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́" àyàfi tí àwọn ẹbí bá ti sọ bẹ́ẹ̀. N kò fi ọjọ́ ìsìnkú sí i. Inú káàdì ẹbí ni kí ẹ ti dà á kọ tó bá jáde. Àwòrán kan ṣoṣo, tí màmá nìkan wà nínú rẹ̀, kì í ṣe èyí tí ẹ̀yin náà ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ká má tíì sọ ti orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Ẹ sì fi àmì sórí ọ̀rọ̀. "Ofo" lásán, ṣé ọ̀fọ̀ ni, àbí òfo, àbí ọfọ̀?

Ti àsìkò ló tún ń bí mi nínú jù. Ẹbí ló ń túfọ̀. Nígbà tí Ọ̀ọ̀ni Ṣíjúwadé wàjà ní Lọ́ńdọ̀nù lópin oṣù Keje ọdún 2015, ìròyìn ti gba ìlú kan, síbẹ̀ àwọn ìjòyè ní irọ́ ni, ó di oṣù Kẹjọ kí wọ́n tó túfọ̀. Àwọn kan bínú sí i nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ ro ti ọmọ màmá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Kánádà, tí kò tíì sẹ́ni tó pè é, tó wá rí àwòrán ìyá rẹ̀ pẹ̀lú àbẹ́là lórí fóònù. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ bi ọ̀kan nínú àwọn ọmọ pé ṣé gbogbo wọn ti gbọ́.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ, pé gbólóhùn mẹ́fà ti gbẹ jù, pé Yorùbá ló ni ẹkún. Òótọ́ ni pé ọdẹ kì í sun ìrèmọ̀jé ní gbólóhùn mẹ́fà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sun ún wà lójú kan náà, wọ́n ń gbọ́ ohùn ara wọn, oríkì olóògbé ló sì kún ẹnu wọn, kì í ṣe "èmi, èmi".

Ti òkú ọ̀fọ̀ ni kò yé mi tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 24 kú, ìyá rẹ̀ kọ "ikú dóró" lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì kọ "mi" lọ́nà ogún. Ta ló fẹ́ mú bírò pupa síbẹ̀?