"Mo ti fún un" kò tó o, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi

Èrò ọkàn mi rèé lórí àtẹ̀jíṣẹ́ tí a fi ń gbé aláìsàn lé ara wa lọ́wọ́ nígbà tí ṣíìfù bá ń parí. Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan ní wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí ṣe àpẹẹrẹ. Nọ́ọ̀sì ọ̀sán kọ̀wé sí ti alẹ́ pé:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Bẹ́ẹ̀dì 6 tí gìrì mú láàárọ̀ ti ń gbádùn díẹ̀. Mo ti fún un ní magnẹ́síọ̀mù rẹ̀. Bípí ṣì ga díẹ̀, ìtọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ẹ bá mi máa wò ó."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ibi tó léwu jù nínú rẹ̀ ni "mo ti fún un". Aago mélòó? Gíráàmù mélòó? Ìdí ọ̀tún ni tàbí tòsì? Tí a bá ń gún magnẹ́síọ̀mù sọ́lféètì sínú ẹran ara, gíráàmù 5 ni lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, a sì ń pààrọ̀ ìdí. Ẹni tí kò mọ aago tó kẹ́yìn lè tún un gún kí àkókò tó pé, ó sì lè fò ó kí gìrì padà wá.

"Ìtọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀" ló tẹ̀ lé e. Kíndìnrín ló ń gbé oògùn yìí jáde kúrò lára. Tí ìtọ̀ bá dín kù, oògùn á máa kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀: orúnkún kò ní í ta mọ́ tí a bá fi òòlù kékeré kàn án, lẹ́yìn náà ni mímí á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń wo nǹkan mẹ́ta kí abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan tó wọlé: mímí tó tó 16 ó kéré tán ní ìṣẹ́jú kan, orúnkún tó ń ta, àti ìtọ̀ tí kò dín ní mìlílítà 30 ní wákàtí kan láàárín wákàtí mẹ́rin tó ṣáájú.

Bí mo ṣe fẹ́ kí á tún un kọ nìyí, tí nọ́ọ̀sì ọ̀sán bá ti fún wa ní gbogbo nọ́ńbà tó wọ̀n:

"Bẹ́ẹ̀dì 6, ọmọ ọdún 24, oyún àkọ́kọ́. Gìrì mú un lẹ́ẹ̀kan ní aago 9:00 àárọ̀, ó bímọ ní 11:20 àárọ̀. Magnẹ́síọ̀mù ìbẹ̀rẹ̀ ní 9:15: gíráàmù 4 sínú iṣan, 5 sí ìdí kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn rẹ̀, gíráàmù 5 ní 1:15 ọ̀sán, ìdí ọ̀tún. 5 ní 5:15 ìrọ̀lẹ́, ìdí òsì. Ní aago 8:00 alẹ́: ìfúnpá 158/104, mímí 18, orúnkún méjèèjì ń ta. Ìtọ̀ láti 5:15 di 8:00 jẹ́ mìlílítà 70. Mo ti da ìtọ̀ inú àpò nù. Abẹ́rẹ́ tó kàn, 9:15 alẹ́, ìdí ọ̀tún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìfúnpá wọ̀n ní 8:30. Tó bá dé 160/110, ẹ pe dókítà. Kí ẹ tó gún un ní 9:15, ẹ wọn ìtọ̀. Tí àpapọ̀ láti 5:15 kò bá tó 120, ẹ má gún un, ẹ pe dókítà. Kálísíọ̀mù glukonéètì gíráàmù 1 wà lórí tábìlì rẹ̀. A ó máa gún un títí di 11:20 àárọ̀ ọ̀la."

Ẹ wo ìtọ̀ yẹn. Mìlílítà 70 ní wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 45 jẹ́ nǹkan bíi 25 ní wákàtí kan. Ó ti wà lábẹ́ ààlà, "ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀" sì bò ó mọ́lẹ̀. Gbólóhùn nípa àpò náà ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Tí a kò bá sọ pé a ti dà á nù, mìlílítà 60 tí ẹni alẹ́ bá rí ní aago 9:15 lè dà bí gbogbo ìtọ̀ wákàtí mẹ́rin lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ 130 ni àpapọ̀ rẹ̀. Á dá abẹ́rẹ́ tó yẹ kó wọlé dúró.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni kí ẹnì kan máa tún àtẹ̀jíṣẹ́ kọ kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ di àlàfo. Tí ẹni tó kọ ti àkọ́kọ́ kò bá ka mímí, má ṣe kọ 18 nítorí pé "ó ń gbádùn". Kọ "a kò ka mímí láti aago 5:15", kí o sì pè é kó tó kúrò lọ́gbà. Nọ́ńbà tí a dá fúnra wa burú ju ọ̀rọ̀ tí kò yé ni lọ, torí pé kò sẹ́ni tó máa tún un wò.

Mi ò sì fara mọ́ kí orúkọ aláìsàn wọ Wọ́sáàpù rárá. Orúkọ àti nọ́ńbà fáìlì, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ẹ ti máa fi wọ́n yẹ ara wọn wò, kí ẹ sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ṣáàtì. Kí ẹni tó gbà á sì dáhùn, kó má jẹ́ "ó dáa, ẹ̀gbọ́n" nìkan: "Mo gbọ́ o. Ìfúnpá ní 8:30. Abẹ́rẹ́ 9:15, ìdí ọ̀tún, tí ìtọ̀ láti 5:15 bá tó 120, tí orúnkún ń ta, tí mímí kò sì dín ní 16."