Irọ́ ni o, Handouts kì í gbé nóòtì yín jáde

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé tẹ́ ẹ bá ti mú Handouts nínú PowerPoint, nóòtì tẹ́ ẹ kọ sábẹ́ sílàìdì á bá a jáde nínú PDF. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá o. Sílàìdì nìkan ló ń tò sórí ìwé.

Èyí tó ń tan èèyàn jẹ jù ni ti mẹ́ta-mẹ́ta lójú ewé kan, torí ó máa ń fa ìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ sílàìdì kọ̀ọ̀kan, èèyàn á wá rò pé ibẹ̀ ni nóòtì máa bọ́ sí, bẹ́ẹ̀ ìlà lásán ni, ẹni tẹ́ ẹ fún níwèé ló máa fi bírò kọ tiẹ̀ síbẹ̀. Èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí. Sílàìdì 12 ni mo ṣe, inú nóòtì ni mo kó gbogbo àlàyé sí torí mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kún ojú sílàìdì, mo mú Handouts, mo fi ránṣẹ́ láì ṣí i wò, làwọn tí ò ráyè wá bá gba ewé 4, àwòrán àti ìlà òfìfo. Ó dùn mí gan-an, àwọn yẹn gan-an ni mo torí ẹ̀ kọ nóòtì.

Ọ̀nà tó tọ́ lórí Windows rèé: ẹ lọ sí File, Export, Create PDF/XPS Document, kẹ́ ẹ tó tẹ Publish ẹ kọ́kọ́ ṣí Options, níbi Publish what ẹ ó rí i pé Slides ló wà níbẹ̀, ẹ yí i sí Notes pages. Sílàìdì kan á gba ewé kan, nóòtì ẹ̀ á wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹ ka iye ewé: sílàìdì 12 mi gbọ́dọ̀ di ewé 12, tó bá jẹ́ 4, a ti ṣì í mú nìyẹn. Tí nóòtì bá gùn, ẹ wò ó ní View, Notes Page bóyá ọ̀rọ̀ ti ya jáde nínú àpótí ẹ̀, ẹ dín àwòrán sílàìdì kù níbẹ̀ kẹ́ ẹ sì fẹ àpótí yẹn.

Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ sílàìdì bíi mẹ́ta lójú ewé kan pẹ̀lú nóòtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ṣeé ṣe, inú Export yẹn náà ni Create Handouts wà, ẹ mú Notes next to slides, á kó gbogbo ẹ̀ lọ sínú Word, látibẹ̀ lẹ ó ti sọ ọ́ di PDF. Mo rò pé orúkọ tó jọra yìí ló dá ìdàrúdàpọ̀ sílẹ̀.

Ní ti Google Slides, PDF tó wà lábẹ́ Download kì í gbé nóòtì, File, Print preview ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ mú 1 slide with notes, kẹ́ ẹ tẹ Download as PDF.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka nóòtì yẹn tán kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, torí gbogbo ẹ̀ pátá ló ń jáde, títí kan èyí tẹ́ ẹ kọ fún ara yín nìkan.