Ohun tó tẹ̀lé "bí" kì í fìgbà gbogbo ṣíwájú ọfà

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ lọ́jíìkì ló gbà pé ohun tó bá tẹ̀lé "bí" nínú gbólóhùn ló gbọ́dọ̀ wà lápá òsì ọfà, ìyẹn →, kí ohun tó kù wà lápá ọ̀tún: A → B ń sọ pé bí A bá jẹ́ òótọ́, B náà jẹ́ òótọ́. Bí "bí" bá dá wà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí "àfi" tàbí "nìkan" bá ti bá a rìn, òfin yìí máa ń yí ìtumọ̀ po, ẹni tó kọ ọ́ kì í sì í fura.

Ẹ gbé gbólóhùn tí gbogbo gáréèjì Ìlọrin mọ̀ yẹ̀ wò: "Awakọ̀ Òmù-Àrán kò ní gbéra àfi bí ọkọ̀ bá kún." Kí G dúró fún "awakọ̀ gbéra", kí K dúró fún "ọkọ̀ kún". Ẹni tó bá tẹ̀lé òfin òkè yìí á kọ K → G. Ó dára, ẹ jẹ́ ká sọ pé ọkọ̀ kún, gbogbo èrò ti jókòó, ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn jò, awakọ̀ ò sì lè lọ. Ṣé irọ́ ni ẹni tó sọ̀rọ̀ pa? Rárá. Kò ṣèlérí pé ọkọ̀ tó bá kún á lọ. Ohun tó sọ ni pé ọkọ̀ tí kò kún kò ní lọ.

Nínú ọ̀nà mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ náà lè gbà rí, ẹyọ kan péré ló sọ ọ́ di irọ́: kí awakọ̀ gbéra nígbà tí ọkọ̀ kò tíì kún. G → K ló ń dènà ìyẹn nìkan. K → G ń dènà nǹkan mìíràn pátápátá, ìyẹn ni ọkọ̀ tó kún tí kò lọ, ó sì gba ohun tí olùsọ̀rọ̀ kọ̀ láyè. Bẹ́ẹ̀ náà ni "Ìgbà tí ọkọ̀ bá kún nìkan ni awakọ̀ á gbéra" àti "Ó dìgbà tí ọkọ̀ bá kún kí awakọ̀ tó gbéra" ṣe rí. G → K ni gbogbo wọn.

Ọ̀nà tó dájú jù fún "àfi bí" ni kí ẹ fi ∨, ìyẹn "tàbí", rọ́pò rẹ̀, kí ẹ má sì gbàgbé "kò", ìyẹn ¬, tó wà níwájú:

```
¬G ∨ K
```

Bákan náà ni èyí àti G → K. Ibi tí nǹkan ti sábà máa ń bàjẹ́ ni "kò" yẹn. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀, tó kọ G ∨ K, ti sọ pé ọkọ̀ òfìfo tó dúró sójú kan kò ṣeé ṣe, bẹ́ẹ̀ ohun tí à ń rí láràárọ̀ nìyẹn. Ìdí mìíràn tí mo fi fara mọ́ ∨ ni pé kì í ṣe gbogbo "àfi" ló ní "kò" níwájú. "Ọkọ̀ á gbéra láàárọ̀ àfi bí táyà bá jò" jẹ́ G ∨ J, níbi tí J ti dúró fún "táyà jò", ó sì bá ¬J → G dọ́gba. Níbí, ọfà kọjú sí G. Ẹni tó há ibi tí ọfà ń kọjú sí sórí á ṣìnà, ẹni tó fi ∨ bẹ̀rẹ̀ kò ní ṣìnà.

Àwọn kan tún máa ń kọ ↔, ìyẹn ọfà tó kọjú sí apá méjèèjì, fún "àfi bí", torí wọ́n gbọ́ ọ bíi pé bí ọkọ̀ bá ti kún, lílọ ló kù. Etí wa ló fi ìyẹn kún un. Ẹ fi èyí dán an wò: "Awakọ̀ kò ní gbéra àfi bí ọkọ̀ bá kún, kódà bó kún pàápàá, ó lè má gbéra." Kò sí ìtakora níbẹ̀. Ká ní ↔ ni, ìdajì kejì ì bá tako ti àkọ́kọ́.

Ọ̀kan tó kù wá láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. "Just in case" ni ọ̀rọ̀ náà, àwọn onílọ́jíìkì sì fi ń sọ ↔: nọ́ńbà kan ṣeé fi 2 pín láìṣẹ́kù bí ẹyọ tó gbẹ̀yìn rẹ̀ bá jẹ́ 0, 2, 4, 6 tàbí 8, bí kò bá sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kò ṣeé pín bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà, lẹ́nu ará ọjà, "bóyá" ni: "Ó ra epo sílé, bóyá iná á lọ." Ẹ má kọ ↔ síbẹ̀, ẹ má sì kọ ọfà. Bí iná bá lọ tàbí tí kò lọ, ó ti ra epo. E, ìyẹn "ó ra epo", nìkan ni ẹ máa kọ. "Bóyá iná á lọ" ń sọ ìdí tó fi rà á, kò sì sí àmì fún ìdí nínú irú lọ́jíìkì yìí.