Nọ́mbà tó ga kò sọ pé ojú tí ẹ pààrọ̀ jọ ẹni tó ni ín

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní yàrá tí wọ́n ti ń gé fídíò ní Adó-Èkìtì, ọ̀dọ́kùnrin kan tún sọ ọ́ lójú mi: "Ẹ̀gbọ́n, 0.74 ló fún wa. Ojú Bàbá ni, kò sí àríyànjiyàn mọ́." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ẹni tó bá ti fi ojú ẹnìkan rọ́pò ti ẹlòmíràn nínú fídíò, ohun tó máa sọ nìyẹn. Wọ́n á fi kọ̀ǹpútà wọn bí ojú tó jáde ṣe jìnnà sí ojú ẹni tí wọ́n fẹ́ kó jọ, bí nọ́mbà bá sì ti dára, iṣẹ́ ti parí lójú wọn nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí nọ́mbà yẹn jẹ́ ná. Ètò tí wọ́n fi ń dá ojú mọ̀, bíi ArcFace tó jáde ní 2019, máa ń wá ẹyinjú méjèèjì, imú àti igun ẹnu méjèèjì, á tò wọ́n sí ipò kan náà nínú àwòrán kékeré tó jẹ́ 112 níbùú, 112 lóòró, á sì sọ ojú náà di ọ̀wọ́ nọ́mbà 512. Wọ́n á wá fi ọ̀wọ́ nọ́mbà ojú kan wé ti èkejì. Bí wọ́n bá jọra gan-an, èsì á sún mọ́ 1. Bí wọn kò bá jọra rárá, á wà nítòsí 0. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ètò yìí fún ni kó sọ bóyá ẹnì kan náà ló wà nínú fọ́tò gidi méjì. Wọn ò kọ́ ọ láti sọ bóyá ojú tí ẹ̀rọ ṣe jọ ẹnìkan lójú àwọn tó mọ onítọ̀hún.

Bàbá tí à ń sọ yìí jẹ́ àgbà òṣèré láti apá Ìkọ̀lé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́ láti gun Òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́, ibẹ̀ sì ni eré náà ti ṣẹlẹ̀. Ó fọwọ́ sí ìwé pé kí ọ̀dọ́ kan bá òun gùn ún, kí wọ́n sì fi ojú òun bo ti ọ̀dọ́ náà. Inswapper_128, ẹ̀rọ kan tó ń pààrọ̀ ojú, ni wọ́n fi ṣe é, buffalo_l, ètò ìdá-ojú-mọ̀ irú ti ArcFace, ni wọ́n sì fi wọ̀n ọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe wà. Ẹ ṣí kóòdù inswapper nínú àkójọ kóòdù InsightFace, ẹ ó rí ìlà yìí:

```python
latent = source_face.normed_embedding.reshape((1,-1))
```

Ohun tí ìlà yẹn ń sọ ni pé ẹ̀rọ tó ń pààrọ̀ ojú kò fojú kan fọ́tò Bàbá rí. Ọ̀wọ́ nọ́mbà 512 tí buffalo_l yọ jáde láti ara fọ́tò náà nìkan ni wọ́n gbé fún un, kó fi ya ojú. Lẹ́yìn tó ya ojú tán, wọ́n tún gbé e padà fún buffalo_l kan náà pé kó wò ó bóyá ó jọ ọ̀wọ́ nọ́mbà yẹn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gba ìdáhùn lọ́wọ́ tíṣà tó máa máàkì ìwé rẹ̀, kí ni máàkì tó gbà fẹ́ sọ fún wa? Inswapper nìkan kọ́ ló ń ṣe báyìí. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ SimSwap, tó jáde ní 2020, ArcFace ló ń bá a wí nígbàkígbà tí ojú tó yà bá jìnnà sí ti ẹni tí wọ́n fẹ́. Àwọn tó ṣe é mọ ewu tó wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wọn èsì wọn, CosFace ni wọ́n lò, ètò mìíràn tí kò bá wọn dá sí kíkọ́ ẹ̀rọ náà. Àwọn tó ṣe FaceShifter náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí àwa ò lè ṣe é?

Mo jókòó ti ọ̀dọ́kùnrin yẹn, mo ní kó fi fọ́tò gidi Bàbá méjì wé ara wọn, ọ̀kan tó kọjú síta gbangba, èkejì tí oòrùn mú láti ẹ̀gbẹ́. Buffalo_l kan náà fún wọn ní 0.61. Ẹ wò ó dáadáa: ojú tí ẹ̀rọ yà gba 0.74, Bàbá fúnra rẹ̀ gba 0.61. Kò sí bí ojú tí ẹ̀rọ yà ṣe lè jọ Bàbá ju bí Bàbá ṣe jọ ara rẹ̀ lọ. Ohun tí 0.74 ń sọ ni pé ẹ̀rọ náà di ọ̀wọ́ nọ́mbà tí wọ́n gbé fún un mú dáadáa. Nígbà tí a wá gbé gbogbo rẹ̀ fún FaceNet, ètò ìdá-ojú-mọ̀ mìíràn tí kò sí lára iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, èsì yí padà. Fọ́tò Bàbá méjèèjì ló sún mọ́ra jù lọ. Ojú tí ẹ̀rọ yà já wálẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àbúrò Bàbá dọ́gba.

Ojú tèmi ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi kí a tó wọn nǹkan kan. Bàbá ní pélé mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nínú fídíò tó jáde, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán bí ẹni pé wọn ò kọ ọ́ nílà rí. Ṣé irú ojú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé lọ sí Ìkọ̀lé kí ará ilé wò? Ọ̀dọ́kùnrin náà ní bóyá nọ́mbà ti ka ìyẹn mọ́ ọn. Mo mú fọ́tò gidi Bàbá, mo fi búrọ́ọ̀ṣì orí kọ̀ǹpútà pa pélé náà rẹ́, mi ò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, mo sì ní kó wọ̀n ọ́n mọ́ èyí tí pélé wà lójú rẹ̀. Nọ́mbà kò kúrò lókè 0.9. Ohun tí àwa fi ń dá Bàbá mọ̀ láti òdìkejì títì, ètò náà kò kà á sí.

Bí ojú ṣe fẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bàbá fẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ sì gún régé ní igun méjèèjì. Ọ̀dọ́ tó gun òkè ní àgbọ̀n ṣóńṣó, àgbọ̀n ṣóńṣó yẹn náà ló sì wà nínú fídíò, nítorí àárín ojú ni inswapper ń pààrọ̀ jù, ó ń fi etí ojú sílẹ̀ fún ẹni tó ni ara. Etí àti irun kì í tilẹ̀ wọ inú àwòrán 112 yẹn dáadáa. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣe HifiFace ní 2021 fi dìídì fi ìrísí ojú tó ní ìjìnlẹ̀ kún tiwọn.

Wọ́n á ní fífi nọ́mbà wọn ojú yá, kì í ṣojúsàájú, gbogbo ìwé ìwádìí ló ń lò ó. Ó yá lóòótọ́. Àwọn kan tún ń sọ pé 0.6 ni ààlà tó ń fi hàn pé ẹnì kan náà ni. Nínú ètò ìdá-ojú-mọ̀ tó ń jẹ́ face_recognition, tó ń lo dlib, 0.6 jẹ́ ìjìnnà, bó bá ṣe kéré sí ló dára. Nínú èyí tí wọ́n lò ní Adó, bó bá ṣe pọ̀ sí ló dára. Ẹ kò lè gbé ààlà ọ̀kan fún èkejì.

Bí ẹ bá máa wọn nǹkan, ẹ lo ètò tí ẹ̀rọ yín kò lò. Ẹ wọn fọ́tò gidi ẹni náà mọ́ ara wọn, kí ẹ rí ibi tó yẹ kí nọ́mbà wà. Ẹ fi àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí i, kí ẹ mọ ibi tí "ó kàn jọ ọ́" bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọn èsì mọ́ ẹni tó ni ara náà, nítorí bí ó bá ṣì sún mọ́ ọn, ẹ kò tíì pààrọ̀ nǹkan kan. Kí ẹ sì mú ojú tó kọjú síbì kan náà, torí pé bí ẹni gidi bá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, nọ́mbà tirẹ̀ náà máa ń wálẹ̀.

Mo gbà pé bí nọ́mbà bá wálẹ̀ burúkú, ó sábà máa ń jẹ́ pé nǹkan kan ti bàjẹ́ lóòótọ́, ó sì wúlò fún wíwá ibi tí ojú ti yẹ̀ láàárín fídíò gígùn. Ṣùgbọ́n ẹ fi fídíò náà han àwọn tó mọ Bàbá, láìsọ fún wọn ẹni tó wà níbẹ̀, kí wọ́n dárúkọ ẹni tí wọ́n rí. Nígbà tí a fi han ìyàwó rẹ̀, orúkọ àbúrò ọkọ rẹ̀ ló dá.