Season Pass tún ti gbowó mi lọ

Ó ti sú mi! Mo ra Season Pass géèmù kan, mo rò pé gbogbo àfikún rẹ̀ ni mo ti san owó rẹ̀ tán. Aṣọ mẹ́ta àti ìbọn aláwọ̀ wúrà kan ni mo rí gbà, pẹ̀lú iṣẹ́ kékeré tí mo parí kí ìrẹsì tó jinná. Nígbà tí ìtàn tuntun gan-an jáde, wọ́n ní «Year 2» ni, kí n tún sanwó!

Owó ọjà tí wọn ò tíì ṣe ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa. Àfikún géèmù èyíkéyìí ni wọ́n ń pè ní DLC, fìlà lásán náà lè jẹ́ DLC. Ṣùgbọ́n Expansion tòótọ́, ìyẹn àfikún ńlá, bíi Blood and Wine tó jáde fún The Witcher 3 lọ́dún 2016, odindi ilẹ̀ tuntun ló gbé wá. Èyí tí wọ́n ta fún mi, kò sí ilẹ̀ kankan níbẹ̀!