Bí A Bá Rúbọ, Ká Mú Ti Èṣù Kúrò

Ọ̀pọ̀ ló ń gbọ́ òwe yìí bí ẹni pé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ làwọn àgbà ní ká máa fún ìkà, kó má baà bá wa jà. Kò yani lẹ́nu. Nínú wáàsí ní Ìlọrin, "Èṣù ẹni ẹ̀kọ̀" ni Ṣàtánì ń jẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Bíbélì Yorùbá tó jáde lódindi ní 1884 fi Èṣù pe ẹni tó wá dán Jésù wò. Àmọ́ ká tó lóye òwe yìí, a ní láti bi àwọn tó ń rúbọ léèrè ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Lọ́dọ̀ tiwọn, ìránṣẹ́ ni. Òun ló ń gbé ohun tí ènìyàn rú lọ bá àwọn òrìṣà, òun náà ló sì ń rí i pé èsì padà wá.

Ẹ wo ọpọ́n Ifá fúnra rẹ̀. Ojú kan wà tí wọ́n gbẹ́ sí etí rẹ̀. Bí babaláwo bá jókòó, ojú yẹn ni yóò kọjú sí i láti òdìkejì. Ojú Èṣù ni. Babaláwo á da ìyẹ̀rosùn sójú ọpọ́n, á kó ikin mẹ́rìndínlógún sọ́wọ́ òsì, á sì fi ọwọ́ ọ̀tún gbá wọn lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ òsì, á tẹ ìlà méjì. Bí méjì bá kù, á tẹ ìlà kan. Bí kò bá sí èyí tó kù, tàbí tó kù ju méjì lọ, kò ní tẹ nǹkan kan, á tún gbá wọn ni. Nígbà tó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹjọ, odù ti yọ. Ojú yẹn ń wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, nítorí pé ìránṣẹ́ tí kò sí níbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ kò ní mọ iṣẹ́ tó fẹ́ jẹ́.

Ká ní obìnrin oníṣòwò kan láti Òmù-Àrán ni Ifá ní kó fi ẹyẹlé méjì, epo, ẹ̀kọ àti owó rúbọ. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ìyókù, wọ́n á bù díẹ̀ nínú ohun gbogbo sọ́tọ̀ fún Èṣù, wọ́n á sì ta epo pupa lé e lórí. Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ jù nìyí. Àwọn kan á fi èyí tí kò wúlò ṣe ti Èṣù, ẹ̀kọ tó ti kan tàbí epo ìsàlẹ̀ ìgò. Àwọn mìíràn á ta àdín sí i, bẹ́ẹ̀ àdín gan-an ni èèwọ̀ Èṣù. Epo pupa ní í tù ú lójú, àdín ní í mú un gbiná. Ẹni tó ta àdín sójú yangí rẹ̀, ìjà ló bẹ̀ lọ́wẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni kíkì. Babaláwo á ki odù tó yọ, á bu ìyẹ̀rosùn rẹ̀ sínú ẹbọ, á sì ki Ọ̀ṣẹ́tùúrá tẹ̀ lé e, ì báà má ṣe òun ló yọ. Ifá ló sọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí àwọn òrìṣà mẹ́rìndínlógún dé ayé, wọ́n pa Ọ̀ṣun tì nítorí pé obìnrin ni. Gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé kò gún. Wọ́n padà lọ bá Olódùmarè, ó bi wọ́n léèrè ẹni kẹtàdínlógún wọn, ó ní kí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́. Oyún wà nínú Ọ̀ṣun. Ó ní bí òun bá fi ọkùnrin bí i, yóò máa bá wọn lọ. Ọkùnrin náà ló bí, òun sì ni Ọ̀ṣẹ́tùúrá, ẹni tó gbé ẹbọ dé ọ̀run nígbà tí ẹbọ kò dé ọ̀run mọ́. Ìdí nìyí tí ẹbọ tí a kò ki Ọ̀ṣẹ́tùúrá sí fi dà bí ẹrù tí a dì tí kò sí alárù tí yóò gbé e.

Wọ́n á wá gbé ẹbọ náà lọ síbi tí Ifá bá sọ: ìdí Èṣù, oríta tàbí ibòmíràn. Oríta ni Èṣù ń jókòó sí, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀nà ti ń pàdé.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ẹbọ dà? Obì àbàtà aláwẹ́ mẹ́rin ni wọ́n máa ń fi bèèrè. Bí awẹ́ méjì bá ṣíjú tí méjì sì dojú bolẹ̀, obì yàn, ẹbọ ti gbà. Bí gbogbo rẹ̀ bá dojú bolẹ̀, babaláwo tó mọṣẹ́ kò ní máa da obì lemọ́lemọ́ títí yóò fi rí ohun tó fẹ́. Á kọ́kọ́ tún ẹbọ yẹ̀ wò: ṣé ohun tí Ifá kà pé? Ṣé wọ́n mú ti Èṣù kúrò kí wọ́n tó pín in? Lọ́pọ̀ ìgbà, àwo kékeré tí wọ́n bu ti Èṣù sí ni wọ́n á rí pé ó ṣì wà lẹ́bàá ògiri, tí wọ́n gbàgbé láti gbé jáde.